Ẹ̀jẹ̀ lórí tíṣù: ṣé jẹ̀dí lásán ni, àbí kí n lọ ṣe kámẹ́rà?

Awakọ̀ Ìkéré

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 47 ni mí, mo ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìkéré sí Adó. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ pupa lórí tíṣù bí mo bá nùdí tán. Nígbà mìíràn ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìgbẹ́ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Kò dùn mí rárá. Jẹ̀dí ti ń bá mi jà tipẹ́, kì í ṣe àlejò. Mo mu àgbo, ẹ̀jẹ̀ dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà dé. Ìyàwó mi ní kí n lọ ṣe kámẹ́rà ìdí, èyí tí wọ́n ń tì bọ ìdí láti fi wo inú ìfun. Ṣé ó pọn dandan, àbí kí n kàn pààrọ̀ alágbo?

Bàbá Ẹlẹ́mu

Ọmọ mi, má fòyà. Gbogbo wa la tọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré ní Ẹ̀fọ̀n níbí. Odò tí a ń wẹ̀ ló fà á, àtọ̀sí ajá là ń pè é. Wọ́n pín oògùn oníhóró fún wa ní ilé ìwé, ó sì lọ. Béèrè oògùn yẹn.

Ìyá Ìbejì

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìdí ló ní, kì í ṣe ìtọ̀ 😂

Bàbá Ẹlẹ́mu

Ha. Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ máa bá a lọ, mo ń kà á.

Bọ̀ọ̀dá Kẹ́mísì

Ó ti lé ní ọdún 18 tí mo ti ń ta oògùn, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí irú èyí. Wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà. Tó bá pupa yòò, ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ló ti ń jáde, jẹ̀dí nìyẹn. Tó bá dúdú bí ọ̀dà, inú lọ́hùn-ún ló ti wá, ìyẹn lèèyàn ń bẹ̀rù. Tìẹ pupa. Ra oògùn tí wọ́n ń tì bọ ìdí, lò ó lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì jìnnà sí ohun dídùn. Kámẹ́rà kọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìdajì ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Kẹ́mísì ni òótọ́, ìdajì kejì ló sì ń sin èèyàn. Wọ́ọ̀dù àwọn oníṣẹ́ abẹ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, tó sì ń rùn lọ́tọ̀, òkè ló ti wá, láti inú àpò oúnjẹ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Ọ̀nà jìn, ẹ̀jẹ̀ náà ti dà bí ohun tí wọ́n sè kó tó jáde. (Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin náà á máa yàgbẹ́ dúdú o, kí ẹ má lọ fò sókè.) Ṣùgbọ́n ìfun ńlá gùn, ó tó mítà kan àbọ̀. Apá tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn dé ihò ìdí, kò jìnnà sí ìta. Bí nǹkan bá ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò ráyè yí àwọ̀ padà. Pupa yòò ló máa jáde, ìbáà jẹ́ jẹ̀dí, ìbáà jẹ́ jẹjẹrẹ. Àwọ̀ pupa ń sọ fún wa pé ibi tó ti wá kò jìnnà. Kò sọ ohun tó fà á.

Ti ṣúgà ńkọ́? Mi ò tíì rí jẹ̀dí tí ṣúgà dá sílẹ̀. Ìgbẹ́ líle, fífi agbára tì í, pípẹ́ lórí àga ìgbẹ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, oyún, àwọn wọ̀nyí ni mo mọ̀.

Awakọ̀, kí n tó sọ ohunkóhun nípa kámẹ́rà, dá mi lóhùn. Ìgbẹ́ rẹ yí padà láti bí oṣù mélòó kan? Mo ní iye ìgbà tí o ń lọ, bó ṣe tóbi tó, àkókò tó ń pè ọ́. Ǹjẹ́ o ń rí ohun tó dà bí ikun pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ náà? Ṣé ìgbẹ́ máa ń pè ọ́, tí o bá dé bẹ̀, tí nǹkan kan kò ní jáde? Ṣé o ti rù, tàbí ó ti ń rẹ̀ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ta ló ti ní àìsàn ìfun nínú ẹbí rẹ?

Ohun kan tún wà. Irú ilé ìgbẹ́ wo lò ń lò? Bó bá jẹ́ ṣáláńgá, o kò rí ìgbẹ́ rẹ láti oṣù márùn-ún, tíṣù nìkan lo rí. Wá póò ọmọdé kan, tàbí kí o tẹ́ bébà sílẹ̀, kí o yà á síbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, kí o sì wò ó dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè ara ìgbẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó pò mọ́ ọn nínú. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún wò.

Ìyá Ìbejì

Tèmi kì í ṣe jẹ̀dí bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì, ìgbẹ́ mi le bí òkúta. Ọjọ́ kan mo fi agbára tì í, mo sì gbọ́ ọ lára bí ìgbà tí wọ́n fi bíléèdì fà mí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yàgbẹ́, oró rẹ̀ á mú mi fún wákàtí kan, nígbà mìíràn méjì. Mi ò lè jókòó fún àwọn ọmọ lọ́mú, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń fì sí. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í pọ̀, ìlà kan pupa lórí tíṣù ni. Mo wá ń sá fún ìgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, mi ò lọ. Tí n bá wá lọ, ó ti le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Màmá mi ń gún iyán fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ọmú lè wá. Iyán àti ẹran, kò sí ẹ̀fọ́. Ẹ wá wo ìyà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyá Ìbejì, o ti ṣe àlàyé rẹ̀ ju bí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ṣe máa ń ṣe é lọ. Awọ ẹnu ihò ìdí ló ya, bí ètè ṣe máa ń ya lásìkò ọyẹ́. Ẹran tó ń dé ihò náà pa wá ń fún pọ̀ nítorí ìrora, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ wo ojú egbò náà sàn kò ráyè kọjá, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi máa ń pẹ́. Jẹ̀dí inú kì í sábà dunni, yóò kàn máa kán ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tó-tó-tó lẹ́yìn ìgbẹ́. Ìdí tó ya máa ń mú oró lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ní òun ń ṣẹ̀jẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: ṣé ó dùn ọ́?

Báwo lo ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú báfù, mo máa ń jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ kò sí nínú rẹ̀, Dẹ́tọ́ọ̀lù kò sí (ìyá ọkọ mi ti da Dẹ́tọ́ọ̀lù sí i tẹ́lẹ̀, mo fò dìde!). Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ, omi púpọ̀. Dókítà fún mi ní oògùn olómi dídùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ó sì ní kí ilé oògùn kan po ìpara tó ń mú ẹran ìdí dẹ̀ fún mi. Ìpara yẹn fọ́ mi lórí ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kó tó jinná.

Mi ò ṣe kámẹ́rà o. Ọmọ ọdún 28 ni mí nígbà náà.

Ìyá Alágbo

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń ta àgbo tí ẹ ń bú. Ulé mi ni wọ́n ti ń wá rà á láti Ìkọlé títí dé Ọmùò. Àsúnwọ̀n, egbò igi, ọtí díẹ̀, jẹ̀dí á sì wọlé. Àwọn tó sàn lọ́wọ́ mi kò lóǹkà. Dókítà a máa gé e, yóò sì tún hù.

Bọ̀ọ̀dá Kẹ́mísì

"Ulé" 😂 Màmá, Èkìtì ò ní kúrò lẹ́nu yín láé. Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú yín lórí èyí.

Tíṣà Ọmùò

Mo fẹ́ fi èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 52, àgbẹ̀ kòkó. Ó rí ẹ̀jẹ̀ pupa lórí tíṣù. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà ní kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ìta, ó ní "jẹ̀dí rèé." Irọ́ kọ́, jẹ̀dí wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ọwọ́ tì í wọlé. Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń tì bọ ìdí. Ẹ̀jẹ̀ dá. Inú wa dùn.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́, nígbà tó ti mọ orúkọ àìsàn rẹ̀. Àgbo ló kù. Tí ó bá mu àgbo, inú rẹ̀ á ṣí, á yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì, á ní "ó ti ń jáde." Nígbà tó yá, aago mẹ́rin òru ni ìgbẹ́ ń jí i. Á sáré lọ, ikun àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni yóò rí, kò sí ìgbẹ́. Á padà wá dùbúlẹ̀, á tún dìde. A rò pé àgbo ló ń ṣe iṣẹ́. Ṣòkòtò rẹ̀ wá ń já bọ́, ìyàwó rẹ̀ fi okùn gbà á nídìí.

Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ni dókítà mìíràn wọ ìbọ̀wọ́, ó ti ìka kan bọ̀ ọ́ nídìí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó yọ ọwọ́, ó dákẹ́, ó ní òun kan nǹkan kan tó le bí kókó ara igi. Ìka lásán ló fi rí i, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n gbé e lọ sí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹ̀dọ̀. Kò lò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo ń rò títí di òní ni pé dókítà àkọ́kọ́ kò purọ́. Jẹ̀dí ni ó rí.

Ìyá Ìbejì

Olúwa fún un ní ìsinmi, Tíṣà.

Ìyá Alágbo

Mo bá yín kẹ́dùn. Àmọ́ àwọn tó sàn lọ́dọ̀ mi pọ̀ ju ẹni tó kú lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ti sọ ọ́ jù bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Màmá Alágbo, mi ò ní bá yín jà. Ẹ jẹ́ kí n kàn ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó ń sàn fi pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jẹ̀dí a máa dá fúnra rẹ̀. Tí àsúnwọ̀n bá sì ti mú ìgbẹ́ rọ̀, kò sí ohun líle tó ń ha á mọ́, yóò tètè dá. Títí dé ibẹ̀, kò burú. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ náà máa ń wá, máa ń lọ. Ó lè dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹni tó mu àgbo ní àgbo ló ṣe é, kí ẹni tó gbàdúrà ní àdúrà ló ṣe é. Dídá ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Bí àgbo bá sì ń mú inú ṣí gbuuru lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ìgbẹ́ òun ti yí padà? Ó ti fi eruku bo ojú ẹsẹ̀ olè.

Awakọ̀ Ìkéré

Ẹ ṣé gan-an. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo yà á sórí bébà bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ, ṣáláńgá la ní lóòótọ́.

Ẹ̀jẹ̀ wà lókè rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọjọ́ kejì mo rí ikun díẹ̀, ó dà bí catarrh ọmọdé, ó pọ́n. Ti ìyípadà: tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń lọ láàárọ̀ kí n tó gbé ẹrù àkọ́kọ́. Ní báyìí, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta, díẹ̀díẹ̀, mo sì ní láti wá ibi tí mo máa yà sí ní Adó. Oúnjẹ ọkọ̀ ni mo kà á sí. Ó ń rẹ̀ mí. Ilé wa kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo ń gùn láìmí hẹlẹ tẹ́lẹ̀, mo ń dúró lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ní inú rẹ̀ wú. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ó dáa. Lọ, má sì dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún ọ, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kò ṣòro. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò bóyá ó pọ̀ tó, èyí tí wọ́n ń pè ní pí-sí-fí. Ọkùnrin tó ń jẹun bíi tìẹ, tí tirẹ̀ bá wà ní 40 sókè, kò burú. Tó bá wálẹ̀ sí 30 tàbí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ orí tíṣù kì í sì í sábà mú un wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka. Bí ẹnikẹ́ni bá wo ìta nìkan tó ní jẹ̀dí ni, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ìka bọ̀ ọ́." Má tijú. Ó kọ ọ́ lára, kì í dun ọ́. Lẹ́yìn ìka, ọ̀pá ìwòdí kan wà tó kúrú, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀, òun ni wọ́n fi ń rí jẹ̀dí inú, nítorí ìka kì í sábà mọ jẹ̀dí inú, ó rọ̀ bí ẹran ètè.

Bí wọ́n bá wá rí jẹ̀dí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń padà sílé. Ìwọ má padà. Jẹ̀dí wọ́pọ̀ débi pé, tí a bá tò ọkùnrin 10 tó ti lé ní 45 sí wọ́ọ̀dù mi, a máa rí i lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Rírí i kò sọ pé òun ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ tó yí padà, ikun, àárẹ̀, jẹ̀dí kì í ṣe àwọn wọ̀nyẹn. Nítorí wọn ni kámẹ́rà ṣe yẹ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Kẹ́mísì

Mo gbọ́ ti Awakọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ẹni tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ lórí tíṣù ni kó lọ ṣe kámẹ́rà? Èló ni? Àwọn ọmọ ọdún 22 tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Rárá o. Ọmọ ọdún 22 tí ìgbẹ́ rẹ̀ le, tó ń rí ìlà ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú oró, tí ara rẹ̀ le, tí ẹbí rẹ̀ mọ́, a máa fi ìka wò ó (tí oró bá jẹ́ kó ṣeé ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a máa rọra fi ọwọ́ ya ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ wò, ojú egbò náà máa ń hàn), a máa mú ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀, a sì máa ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tó bá ti dá tán, ó parí. Tí kò bá dá, tàbí tí ojú tó ya náà kò bá sí ní àárín gbùngbùn, iwájú tàbí ẹ̀yìn, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, mo máa ń fura, nítorí ìgbẹ́ líle kì í sábà ya ẹ̀gbẹ́.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀, tó ń kún inú ike, tí ojú rẹ̀ ń ṣú bó bá dìde, òun kò ní ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tàbí tíṣù sọ. Pajáwìrì ni kó sáré gbà lọ.

Ọmọ Ìjerò ní Ìlú Ọba

Ẹ foríjì mí, mo ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò níbí. Èmi ò gbà pé kí ọ̀dọ́, ìbáà jẹ́ ẹni ọdún 22 tàbí 35, dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Jẹjẹrẹ ìfun ń mú àwọn ọ̀dọ́ báyìí. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2021 ni wọ́n mú àyẹ̀wò rẹ̀ wálẹ̀ láti ẹni ọdún 50 sí 45. Kí wọ́n kúkú wo gbogbo wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àbúrò, 45 tí o ń sọ yẹn, ti ẹni tí ara rẹ̀ le ni, tí kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ ti kúrò nínú ìlà yẹn, àmì àìsàn rẹ̀ là ń tẹ̀lé. Mo gbà pé ọ̀dọ́ ń ní i, èyí tó pọ̀ nínú àwọn tí mo tọ́jú kò pé 50. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa san owó náà láti inú àpò ara rẹ̀ ní Èkìtì níbí, tó máa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdó tàbí Ifẹ̀, mi ò lè ní kó lọ nítorí ìlà kan lórí tíṣù tí mo ti rí egbò rẹ̀ lójú. Kámẹ́rà kúkúrú wà tó ń wo apá òsì nìkan, kò wọ́n tó gígùn. Àwọn dókítà kan fẹ́ràn rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ní kò tó.

Ọmọ Ìjerò ní Ìlú Ọba

Mo gbọ́ ti owó. Mi ò tíì gbà o.

Àǹtí Ìlawẹ̀

Awakọ̀, mo ti ṣe é, kí n sọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́ fún ọ. Kámẹ́rà kọ́ ni iṣẹ́, fífọ inú mọ́ ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, wọ́n ní kí n má jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àgbàdo, ọsàn, ohunkóhun tó ní hóró. Ìyẹn nìkan ni ìgbà tí dókítà bá mi sọ̀rọ̀ tó ní kí n jẹ iyán, tí kò sì sí ẹ̀fọ́ 😂. Ọjọ́ tó ku ọ̀la, omi nìkan, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ọbẹ̀ tí wọ́n sẹ́. Kò gbọdọ̀ sí zóbò tàbí ohun pupa, kí wọ́n má baà rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Tí o bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin, dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun bí èédú. Tí o bá ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, sọ fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi, lítà mẹ́rin. Ìdajì lálẹ́, ìdajì láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó dà bí omi òkun tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo mu ti alẹ́, ti àárọ̀ mo dà á nù. Ta ló máa mọ̀? Wọ́n mọ̀. Dókítà ní ohun tí òun ń rí kò ju ẹrẹ̀ lọ, ó fà á jáde, mo san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀kejì mo mu gbogbo rẹ̀, mo fi sínú omi tútù, mo ń fi sítírọ́ọ̀ fà á. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí o rí ní òpin ni omi tó mọ́, tó pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ìtọ̀. Tó bá ṣì ní èérún, o kò tíì ṣetán.

Mú ẹnì kan dání, nítorí oògùn oorun tí wọ́n máa fún ọ kò ní jẹ́ kí o wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ, kí o so gbogbo rẹ̀ jáde láìtijú.

Awakọ̀ Ìkéré

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Pí-sí-fí mi jẹ́ 30. Ìka kò rí nǹkan kan. Ọ̀pá kúkúrú rí jẹ̀dí mẹ́ta, irú èyí tó ń jáde tó sì ń padà fúnra rẹ̀, ọ̀kan ṣì ní ẹ̀jẹ̀ tútù lórí. Dókítà ní bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni, òun ì bá fi rọ́bà kékeré fún wọn lọ́rùn kí wọ́n gbẹ dànù, kó sì máa lọ. Nítorí 30 yẹn àti ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ní kí n ṣe kámẹ́rà. Bí n kò bá sọ ti ìgbẹ́ fún un, kò ní mọ̀.

Lítà mẹ́rin, mo mu gbogbo rẹ̀. Àǹtí Ìlawẹ̀, Ọlọ́run á bù kún yín.

Wọ́n rí kókó kan ní apá òsì, ó hù bí olú, ó ní igi tó gùn díẹ̀, orí rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe kàn án. Wọ́n fi wáyà tó gbóná dẹ ìdí igi rẹ̀, wọ́n gé e, mi ò mọ nǹkan kan. Ó ti wà ní yàrá àyẹ̀wò. Èsì kò tíì jáde.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

O ṣeun tí o padà wá sọ. Ìdí igi náà ni mo fẹ́ kí o béèrè nígbà tí èsì bá dé. Bí jẹjẹrẹ bá wà ní orí rẹ̀ nìkan, tí ìdí tí wọ́n gé sì mọ́, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Bí kò bá mọ́, wọ́n lè ní kí wọ́n yọ apá ìfun náà. Tí kò bá sí jẹjẹrẹ rárá, wọ́n á ní kí o tún ṣe kámẹ́rà lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta nítorí bó ṣe tóbi. Sọ fún àwọn àbúrò rẹ pẹ̀lú, kí wọ́n má dúró dìgbà tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀.

Olú yẹn àti jẹ̀dí lè jẹ́ ohun tó fà 30, ó sì lè má jẹ́ àwọn nìkan. Lo oògùn onírin fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá gòkè, kí wọ́n wo òkè, inú àpò oúnjẹ.

Bọ̀ọ̀dá Kẹ́mísì

Mo ti ń bi àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi bóyá ìgbẹ́ wọn yí padà. Ojú ń tì mí, ojú sì ń tì wọ́n.

Bàbá Ẹlẹ́mu

Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi. Ẹni ọdún 71 ni mí. Kì í ṣe ojú ló ṣe mí ní ọjọ́ yẹn, ìtìjú ni. Ó ti tó ọdún kan tí èmi náà ti ń rí i lórí tíṣù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń lọ lóru.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bàbá mi, ẹ kò nílò láti gbààwẹ̀ fún ti ìka. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí a lọ papọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá.